Ìdì labalábá kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kòkòrò ajẹwé lẹ́yìn tó bá ti wọ inú ìdì, wọn á ní ó yọ́ di omi pátápátá, pé inú omi yẹn ni labalábá ti wá hù jáde. Àwọn olùkọ́ pàápàá ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdí tí ìtàn náà fi dùn mọ́ wa, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ba ọ̀pọ̀ ìdì jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín, nítorí ẹni tó bá gbà pé omi lásán ló wà nínú rẹ̀ kò ní rí ohun tó burú nínú kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó yí i kiri, tàbí kí ó là á wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú labalábá kan tí gbogbo wa mọ̀: èyí dúdú ńlá tí àmì ìyeyè pọ̀ lára rẹ̀, tó máa ń yé ẹyin sórí ewé ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé. Nígbà tó bá dàgbà, ó di àwọ̀ ewé, bí ẹ bá sì yọ ọ́ lẹ́nu, ìwo rírọ̀ méjì tó ń rùn á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyípadà láti ọjọ́ tó wọ ìdì

Kòkòrò yìí ti ń kọ́ ara labalábá nígbà tó ṣì ń jẹ ewé. Nínú ara rẹ̀, lẹ́yìn orí, àwọn ìṣù sẹ́ẹ̀lì kéékèèké mẹ́rin wà tí kò bá a ṣe iṣẹ́ kankan nígbà èwe. Àwọn ni yóò di ìyẹ́ mẹ́rin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà ní ìpamọ́ fún ojú, fún ìwo orí àti fún ẹsẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó wọ ìdì, àwọn ìṣù ìyẹ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi kíákíá. Jan Swammerdam, ará Amsterdam, ti tú ara kòkòrò ajẹwé wò ní nǹkan bí ọdún 1669, ó sì fi ìyẹ́ tó ká jọ sábẹ́ awọ han àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ yẹn ti ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, síbẹ̀ ìtàn omi ṣì ń tàn kálẹ̀.

Họ́mọ́nù méjì ló ń darí iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń mú kòkòrò bọ́ awọ. Èkejì, tó ń ti ẹ̀yìn ọpọlọ wá, ń sọ fún ara pé kí ó ṣì wà ní ọmọdé. Níwọ̀n ìgbà tí èkejì yìí bá pọ̀, bí kòkòrò bá bọ́ awọ, kòkòrò tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ ló máa dà. Ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ ni bíbọ́ awọ tó tẹ̀ lé e á sọ ọ́ di ìdì.

Nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni kí a gbàgbé ewé ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn, kí a máa sọ pé kòkòrò náà ti tóbi tó. Labalábá kì í jẹun nínú ìdì. Ohun tó bá jẹ nísinsìnyí ni yóò fi kọ́ ohun gbogbo, èyí tí ebi bá sì pa níbí lè kú tàbí kí ó di labalábá kékeré. Ẹ máa fún un ní ewé tútù títí òun fúnra rẹ̀ á fi kọ̀ ọ́. Ẹ ó mọ ìgbà yẹn: á yàgbẹ́ olómi, á fi ewé sílẹ̀, á máa rìn kiri. Ẹ má ṣe dá a padà sórí ewé, ibi tí yóò so ara rẹ̀ mọ́ ló ń wá.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìdì tuntun

Nígbà tó bá rí ẹ̀ka tó wù ú, á fi òwú sílíkì so ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, á sì fi fọ́nrán kan gbá ara rẹ̀ ní àyà mọ́ ẹ̀ka náà. Á dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà awọ ẹ̀yìn á ya, ìdì á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Sílíkì kò bo ìdì yìí rárá. Sílíkì tí àwọn bàbá wa fi ń hun sányán ń wá láti ara ìtẹ́ tí kòkòrò mìíràn hun yí ara rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ti labalábá ọsàn, awọ ara rẹ̀ gan-an ni ẹ ń wò.

Ẹ sún mọ́ ọn ní ọjọ́ yẹn, ẹ fi ojú wò ó dáadáa. Ẹ ó rí ìyẹ́ méjì tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ìwo orí méjì tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹsẹ̀, àti ẹnu gígùn ní àárín. Nígbà tí awọ ń ya ni ìyẹ́ ti yọ síta láti ibi tó ká jọ sí. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé ìtàn omi kò tọ́: kí omi kankan tó lè wà nínú ìdì, àwòrán labalábá ti wà lára rẹ̀ níta.

Fún wákàtí mélòó kan, gbogbo rẹ̀ rọ̀ gidigidi. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé lè jò jáde, ibi tó bá sì tẹ̀ lára ìyẹ́ lè di àbùkù tí kò ní lọ mọ́. Bí ó bá pọn dandan láti gbé e kúrò, ẹ dúró títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ sì gé ẹ̀ka náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé gbogbo rẹ̀ yọ́

Ó dára, kí ló ń yọ́? Iṣan tí kòkòrò fi ń wọ́ rìn ń tú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹsẹ̀ rírọ̀ abẹ́ ikùn tí labalábá kò ní lò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń pa ara wọn ní ètò, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ á sì jẹ àjẹkù wọn, kí ohun inú wọn lè wúlò fún iṣẹ́ tuntun. Ìfun tó ń lọ ewé ń bọ́ awọ inú rẹ̀ dànù, òmíràn á sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbé omi òdòdó. Ọ̀rá tí kòkòrò kó jọ náà ń yí padà. Ẹni tó bá la ìdì ní àkókò yìí á rí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá tó dà jáde, á sì rò pé òun ti rí ẹ̀rí. Ọ̀bẹ rẹ̀ ló fọ́ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọkàn kò dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀nà èémí wà níbẹ̀. Ọpọlọ wà níbẹ̀, a ń tún un ṣe ni. Iṣan ikùn kan kò tú rárá: bí atẹ́gùn tàbí ọwọ́ bá kan ìdì díẹ̀, ẹ lè rí i tí ó ń mi ìdí rẹ̀. Omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdì alààyè sínú ẹ̀rọ ẹ́ksíréè kékeré, wọ́n ń ya àwòrán inú rẹ̀ léraléra láìpa á. Irú labalábá tó máa ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n lò. Láti ọjọ́ kìíní ni ọ̀nà èémí ti hàn ketekete, ó sì wà níbẹ̀ títí dé òpin bí ìfun ṣe ń yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú àwòrán yìí kì í fi iṣan àti ọpọlọ hàn dáadáa, nítorí náà a kò lè fi í ka gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn kò jọ ìkòkò omi.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti ọdún 2008, ní yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún ọmọ àfòpiná tó ń jẹ ewé tábà ní òórùn kan, wọ́n sì fi iná mànàmáná díẹ̀ gún un nígbàkúùgbà tí òórùn náà bá dé, títí ó fi ń sá fún un. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ìpele ìkẹyìn kí wọ́n tó wọ ìdì ṣì ń sá fún òórùn náà lẹ́yìn tí wọ́n di àfòpiná. Àwọn tó kọ́ ọ nígbà tí wọ́n kéré kò rántí. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ náà gbé kalẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó dàgbà nígbà ìpele ìkẹyìn lè la ìdì kọjá. Ẹ má ṣe sọ nítorí èyí pé labalábá ń rántí gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Òórùn kan ni wọ́n dán wò.

Ẹ má ṣe sé e mọ́ inú ìgò

Ìdì ń mí gba àwọn ihò kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Nínú ìgò tí a dé pa tàbí ọ̀rá tí a so, omi á gbá sára rẹ̀, ìdì á sì hu èbu. Nínú oòrùn gangan, á gbẹ. Àpótí tí a fi àwọ̀n bò ní ibòji ló dára, kí ààyè tó fẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń lò. Bí ó bá kù ọjọ́ kan tàbí méjì, awọ ìdì á hàn bíi gíláàsì, ẹ ó sì rí dúdú ìyẹ́ pẹ̀lú àmì ìyeyè rẹ̀ nínú. Ẹ má ṣe fi ìyẹn pe ikú. Ìdì tó kú á dúdú káàkiri láìní àmì, á rọ̀ tàbí kí ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Bí ẹ bá rí ihò róbótó kékeré lára rẹ̀, agbọ́n tíntín ló ti yé ẹyin sínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí ìdì ṣì rọ̀ ni irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ máa ń wá, ìdí nìyẹn tí àwọ̀n fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí awọ tó ya.

Ẹ má ṣe bá a ya ìdì

Labalábá tó ń jáde á gbé afẹ́fẹ́ mì, á fi ti èèpo náà ya. Ìyẹ́ rẹ̀ á rún, á sì kéré. Á gun òkè, á so rọ̀, á wá máa ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan ìyẹ́ títí á fi nà, láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Bí ẹ bá fà á jáde ṣáájú àkókò, tàbí tí kò rí ibi gbé rọ̀, ìyẹ́ á gbẹ bó ṣe rún, kò sì sí ohun tó lè nà án mọ́.

Omi aláwọ̀ tó máa ń tú jáde lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí ọjọ́ ìdì ni, pẹ̀lú àjẹkù awọ ìfun àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ gbẹ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tú u sílẹ̀, kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀ kó tó lọ: abala méjì ni ẹnu náà ní nígbà tó jáde, ó gbọ́dọ̀ ká a kí ó sì nà án títí méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, torí bí wọn kò bá lẹ̀, kò ní lè fa omi òdòdó.