Bí mo ṣe san gbèsè dọ́là nígbà tí owó abẹ́lé já wálẹ̀

Dọ́là 12,000 ni mo yá, oṣù 24 ni wọ́n sì fún mi láti san án tán. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èyí tó túmọ̀ sí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí ojú owó tó bá ṣẹ́kù. Owó abẹ́lé ni gbogbo ohun tó ń wọlé fún mi, kò sí dọ́là kankan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo yá owó náà, 100 owó abẹ́lé ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan, nítorí náà gbèsè mi jẹ́ 1,200,000.

Ohun tó mú mi yá dọ́là ni pé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé ẹ̀yáwó abẹ́lé nígbà náà, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ìdajì èlé yẹn ni màá san. N kò mọ̀ pé ara ohun tó sọ èlé abẹ́lé di ńlá ni pé àwọn tó ń yáni lówó ti ń retí pé owó náà lè já, àti pé ẹni tó bá sá fún èlé yẹn lọ yá dọ́là ti gbé ewu náà ka orí ara rẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ará Pólándì tí wọ́n yá faranki Swítsálandì láti fi ra ilé nítorí pé èlé rẹ̀ kéré. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, báǹkì àpapọ̀ Swítsálandì jáwọ́ nínú ààlà tó fi ń dá faranki dúró sí ẹ̀gbẹ́ yúrò, faranki fò sókè lọ́jọ́ náà gan-an, gbèsè àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì fò sókè pẹ̀lú rẹ̀.

Iye tí mò ń san lóṣooṣù jẹ́ dọ́là 564.88, kò sì yí padà rárá. Fún oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, iye yẹn jẹ́ 56,488 lówó abẹ́lé. Owó oṣù mi jẹ́ 190,000, nítorí náà ohun tó ń lọ sórí gbèsè kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Kí n tó san ti ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án ni owó abẹ́lé já, tí dọ́là kan di 150. Ìròyìn sọ pé owó wa ti pàdánù ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀, èyí sì jẹ́ òtítọ́, nítorí pé ohun tí 150 ń rà báyìí ni 100 ń rà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ fi ìdá 33 yẹn ṣírò ohun tí yóò san. Láti 100 sí 150, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó oṣooṣù mi fi lé sí i, ó sì di 84,732. Bí owó bá pàdánù ìdajì iye rẹ̀, ìlọ́po méjì ni ẹni tó jẹ gbèsè yóò san.

Mo kó 84,732 yẹn jọ, mo sì san án sí báǹkì ní ọjọ́ tó yẹ gan-an. Lọ́jọ́ kejì, mo rí àkọsílẹ̀ pé dọ́là 11.08 ṣẹ́kù tí n kò san, àti pé wọ́n ti kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó pẹ́ sanwó, pẹ̀lú owó ìtanràn. Inú bí mi púpọ̀, mo sì lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ẹ̀yáwó náà tọ́ka sí gbólóhùn kan fún mi: “Ẹ wò ó, sà, iye tí báǹkì fi ń ta dọ́là ní ọjọ́ tí owó bá wọlé ni a ó fi ṣírò.” Iye 150 tí mo gbọ́ jẹ́ agbedeméjì láàárín iye tí báǹkì fi ń rà á àti iye tí ó fi ń tà á. Iye títà ti báǹkì náà jẹ́ 153 lọ́jọ́ yẹn, dọ́là tí owó mi sì rà kò ju 553.80 lọ. Bó ṣe yẹ ni, 86,427 ni mo ì bá mú wá. Mo san èyí tó kù, mo sì rí i pé n kò lè máa sanwó lọ́nà yẹn fún oṣù 15 tó kù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ìṣirò náà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìsanwó mẹ́sàn-án, ojú owó tó ṣẹ́kù jẹ́ dọ́là 7,832.09. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 153, ó sì fún mi ní 1,198,310. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, torí mo rò pé mo ti ṣì í. Lójú dọ́là, mo ti san ju ìdá kan nínú mẹ́ta ojú owó náà lọ. Lójú owó abẹ́lé tí mò ń fi iṣẹ́ mi wá, gbèsè náà wà níbi tó wà lọ́jọ́ tí mo yá a. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó bá wà nípò yìí kọ òpó méjì sínú ìwé rẹ̀, ọ̀kan fún dọ́là, èkejì fún owó abẹ́lé, nítorí pé òpó dọ́là nìkan yóò máa fi hàn pé nǹkan ń lọ déédéé.

Mo béèrè lọ́wọ́ báǹkì ohun tí wọ́n lè gbà fún mi, wọ́n sì dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní a lè fa àkókò náà gùn, kí oṣù 15 tó kù di 24. Ìṣirò rẹ̀ nìyí, ẹnikẹ́ni sì lè fi ojú owó, èlé oṣù kan àti iye oṣù tirẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

```
7832.09 × 0.01 ÷ (1 − 1.01^(−24)) = 368.68
```

Dọ́là 368.68 ní 153 jẹ́ 56,408, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye tí mò ń san tẹ́lẹ̀ mu. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ fi dọ́là 375 ju ti oṣù 15 lọ, èyí tó sì bà mí lẹ́rù jù ni pé màá tún wà lábẹ́ dọ́là fún oṣù mẹ́sàn-án sí i, nígbà tó jẹ́ pé dọ́là gan-an ni mo fẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a yí gbèsè náà padà sí owó abẹ́lé pátápátá. Wọ́n yóò sọ ọ́ di 1,198,310, wọn yóò fi èlé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù sí i, màá sì máa san 93,259 fún oṣù 15. Iye yẹn ju 86,427 lọ, ṣùgbọ́n kò ní yí padà mọ́, bó ti wù kí dọ́là gbówó lórí tó. Láti mọ̀ bóyá ó tọ́, mo fi 564.88 pín 93,259, ó sì fún mi ní 165. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí dọ́là yóò bá ju 165 lọ ní ìpíndọ́gba fún oṣù 15 náà, yíyí i padà ni ó sàn. Bí kò bá ní tó bẹ́ẹ̀, kí n dúró sórí dọ́là ni ó sàn. Ìṣòro yíyí padà ni pé ènìyàn sábà máa ń rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí owó ti já, nígbà tí àdánù ti wọlé, tí ìyípadà náà yóò sì kàn án mọ́lẹ̀. Ní Húngárì, òfin ló yí ẹ̀yáwó ilé tí àwọn ènìyàn jẹ ní faranki padà sí fóríǹtì, iye tí wọ́n sì lò ni èyí tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, kí faranki tó fò. Àwọn yẹn bọ́ lọ́wọ́ ohun tó dé bá àwọn ará Pólándì ní oṣù méjì péré lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tí mo mú ni ọ̀nà kẹta. Mo ní owó abẹ́lé díẹ̀ tí mo fi pamọ́, níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé iye rẹ̀ ń dín kù bí mo ṣe ń wò ó, mo fi 306,000 ra dọ́là 2,000, mo sì fi san lára ojú owó náà. Ìwé àdéhùn mi kò béèrè owó kankan fún sísan ṣáájú, ṣùgbọ́n mo kà á dáadáa kí n tó ṣe é. Mo tún kọ lẹ́tà pé ojú owó ni mo ń san, kì í ṣe owó oṣù tó ń bọ̀, nítorí pé bí a kò bá sọ ọ́, báǹkì lè tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n máa yọ owó oṣooṣù nínú rẹ̀, èlé yóò sì máa lọ lórí gbogbo gbèsè bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n dín iye oṣù kù tàbí kí wọ́n dín owó oṣooṣù kù. Bí mo bá ń san 564.88 lọ bíi tẹ́lẹ̀, oṣù 11 ni gbèsè náà yóò fi tán. Ohun tí apá mi kò ká ni 86,427 lóṣù, nítorí náà mo ní kí wọ́n dín owó oṣooṣù kù. Ó di dọ́là 420.63 fún oṣù 15, èyí tó jẹ́ 64,356 ní 153, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù mi.

Mo ṣírò nǹkan méjì mìíràn kí n tó fọwọ́ sí i. Nígbàkúùgbà tí dọ́là bá fi 10 gbówó lórí, 4,206 ni yóò kún owó oṣooṣù mi, dípò 5,649 ti tẹ́lẹ̀. Dọ́là sì gbọ́dọ̀ kọjá 205 kí n tó padà sí 86,427 tó fún mi lọ́rùn. Bí n kò bá ní owó ìpamọ́ yẹn, ọ̀nà kejì ni ǹ bá mú, kí n gba èlé ńlá náà, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Láti oṣù náà lọ, mo ṣí àkáǹtì dọ́là. Lọ́jọ́ tí owó oṣù mi bá wọlé ni mò ń ra dọ́là, n kì í dúró de ọjọ́ ìsanwó, mo sì rí i dájú pé dọ́là tó tó ìsanwó oṣù kan ń wà níbẹ̀ ṣáájú nígbà gbogbo. Dọ́là ni báǹkì ń yọ nínú àkáǹtì náà, nítorí náà iye títà ọjọ́ yẹn kò kàn mí mọ́, kò sì sí ọjọ́ tí sẹ́ǹtì kan tún kù nílẹ̀. Ní ìsanwó ogún, dọ́là ti di 171, mo sì san 71,928. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ṣáájú iye tí yóò jẹ́.

Fún ìsanwó tó kẹ́yìn, n kò fọkàn tán tábìlì tí mo kọ. Báǹkì ń ka èlé lójoojúmọ́, oṣù kan kì í sì í ṣe iye ọjọ́ kan náà pẹ̀lú òmíràn, nítorí náà mo ní kí wọ́n kọ iye tó ṣẹ́kù gan-an fún mi ní ọjọ́ tí mo fẹ́ san án. Ó fi dọ́là 3 àti díẹ̀ ju 420.63 lọ. Mo san án, mo sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi fún mi ní ìwé tó sọ pé gbèsè náà ti tán.