x^x nígbà tí x ń lọ sí òdo láti apá ọ̀tún: ibi tí iṣẹ́ náà ti ń há

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká wá límíìtì x^x nígbà tí x bá ń lọ sí 0⁺. Mo gba ọ̀nà lọ́gárídímù, mo dé x ln x, mo wá lo òfin L'Hôpital, àmọ́ bí mo ṣe ń lò ó ni iṣẹ́ ń gùn sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní òun rí 0. Ìwé ní 1. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀nà lọ́gárídímù dára, òun gan-an ni kí o gbà. Tí y bá jẹ́ x^x, ln y á jẹ́ x ln x, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ibi tí iṣẹ́ ti há ni bí o ṣe sọ x ln x di ìdá.

Òfin L'Hôpital kì í ṣiṣẹ́ lórí ohun méjì tí a fi ara wọn ṣe ìlọ́po. Ó fẹ́ ohun tó wà lókè àti ohun tó wà nísàlẹ̀, kí méjèèjì jọ máa lọ sí òdo, tàbí kí méjèèjì jọ máa lọ sí àìlópin. Nínú x ln x, x ń lọ sí òdo, ln x sì ń lọ sí àìlópin lápá òdì. Ó di dandan kí o gbé ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, èyí tí o bá sì gbé lọ ló máa sọ bóyá iṣẹ́ á parí tàbí kò ní parí. Mo fura pé ln x lo gbé, báyìí:

x ln x = x / (1/ln x)

Dífàrẹ́ńṣíéètì òkè, o máa rí 1. Ìsàlẹ̀ á di −1/(x (ln x)²). Pín òkè sí ìsàlẹ̀, ohun tó máa kù ni −x (ln x)². Wò ó dáadáa: ln x kan ṣoṣo lo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ó ti di méjì. Tún un ṣe lọ́nà kan náà, x (ln x)³/2 ló máa jáde. Ìṣírò rẹ ò ní àṣìṣe kankan, òfin náà ò sì kọ̀ ọ́, àmọ́ ln x ò ní tán láé, torí pé ìgbàkígbà tí o bá dífàrẹ́ńṣíéètì ìsàlẹ̀, ln x mìíràn ló ń bí. Ohun tó yẹ kó dá ẹ dúró nìyẹn. Tí o bá lo òfin náà lẹ́ẹ̀kan, tí lọ́gárídímù tó wà lọ́wọ́ rẹ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, padà sẹ́yìn kí o yí ìdá náà padà.

x ni kí o gbé lọ sísàlẹ̀:

x ln x = ln x / (1/x)

Báyìí, òkè ń lọ sí −∞, ìsàlẹ̀ ń lọ sí +∞, a lè lo òfin náà. Òkè á di 1/x, ìsàlẹ̀ á di −1/x². Tí o bá pín wọn, −x ló máa kù. Lọ́gárídímù ti pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, −x sì ń lọ sí 0 láìsí ìjà. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé dífàrẹ́ńṣíéètì máa ń pa ln x rẹ́, ó ń sọ ọ́ di 1/x, tí kò ní lọ́gárídímù nínú mọ́. Nítorí náà, jẹ́ kí ln x dúró lókè, kó dúró lóun nìkan.

Ọ̀rẹ́ rẹ dé ibí yìí, ó sì dúró. 0 tó rí yẹn, ti ln y ni, kì í ṣe ti y. Ó kù kó padà sí y fúnra rẹ̀: y = e^(ln y), torí náà y ń lọ sí e^0, ìyẹn 1. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ pé kí wọ́n má ṣe kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìkọ́kọ́ kọ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e, torí ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti máa ń bọ́ lọ.

Ìbéèrè: Tí olùkọ́ bá ní ká má lo L'Hôpital ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, èmi gan-an sì fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù, torí ó jẹ́ kí èèyàn rí ìdí tí x fi borí ln x. Ohun kan ṣoṣo la nílò: fún nọ́ńbà t èyíkéyìí tó ju òdo lọ, ln t kéré sí t. Fi 1/√x sí ipò t. Á jẹ́ pé ln(1/√x) kéré sí 1/√x. Àmọ́ ln(1/√x) kò yàtọ̀ sí −½ ln x. Fi 2x ṣe ìlọ́po òsì àti ọ̀tún, o máa rí i pé, nígbà tí x bá wà láàárín 0 àti 1,

0 < −x ln x < 2√x

2√x ń lọ sí òdo, 0 sì ti wà ní òdo tẹ́lẹ̀. Ohun tó há sáàárín àwọn méjèèjì ò ní ibòmíì tó lè lọ. Dán an wò ní x = 0.01: ln x jẹ́ −4.605, torí náà −x ln x jẹ́ 0.04605, 2√x sì jẹ́ 0.2. Àlàfo ṣì wà láàárín wọn, àmọ́ kò ṣe nǹkan kan, a ò sọ pé kí wọ́n dọ́gba.

Nígbàkígbà tí o bá dín x kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ohun tí ln x ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ ò ju 2.303 lọ. Ìlọ́po mẹ́wàá ni x fi ń kéré, ln x sì kàn ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún ara rẹ̀. Báwo ni ln x ṣe máa borí?

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ìṣírò. 0.5 fún mi ní 0.7071, 0.4 fún mi ní 0.6931. Ó ń lọ sílẹ̀, kò lọ sí 1. Ṣé ẹ̀rọ mi ò dáa ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ rẹ dáa. O ò tíì dé ìtòsí òdo ni. Bí o ṣe ń bọ̀ láti 1, x^x máa ń lọ sílẹ̀ títí yóò fi dé x = 1/e, ìyẹn nǹkan bíi 0.3679, níbi tó ti kéré jù: nǹkan bíi 0.6922 ni. Láti ibẹ̀ ló ti ń yípadà, tó ń gòkè bí x ṣe ń kéré sí i. Ibẹ̀ kò ṣòro láti rí, torí tí o bá dífàrẹ́ńṣíéètì x^x, x^x (ln x + 1) lo máa rí, ìyẹn sì máa ń di òdo nígbà tí ln x bá jẹ́ −1. 0.5 àti 0.4 wà lápá ọ̀tún ibi tó ti yípadà. Lọ sí apá òsì rẹ̀, kí o sì sún mọ́ òdo gan-an. Tí o bá ní kọ̀ǹpútà, èyí tó:

```python
for k in range(1, 7):
    x = 10**-k
    print(x, x**x)
```

Ní 0.1, o máa rí 0.7943. Ní 0.01, 0.9550. Ní 0.001, 0.9931. Ní 0.0001, 0.9991. Nígbà tó bá dé 0.000001, ó ti di 0.999986. Kò yára, òótọ́ ni, àmọ́ ibi tó ń lọ ò ṣókùnkùn. Tí o bá fẹ́ mọ iye tó kù kó dé 1, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú −x ln x: ní 0.0001, ìyẹn jẹ́ 0.00092.

Tí o bá ya gíráàfù rẹ̀, kíyè sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo. Láti gíga 1, ńṣe ni ìlà náà já wálẹ̀ ṣánṣán, torí pé ln x + 1 ń lọ sí −∞ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń fò ó, wọ́n á sì ya gíráàfù náà bíi pé láti 0.8 tàbí 0.9 ló ti bẹ̀rẹ̀. Fa ojú gíráàfù náà sún mọ́ òdo kí o tó gbà á gbọ́.

Ìbéèrè: Tí límíìtì bá jẹ́ 1, ṣé a lè kọ ọ́ pé 0^0 = 1 nìyẹn? Ẹ̀rọ mi ń kọ Math ERROR, Python sì ń fún mi ní 1.

Ìdáhùn: Rárá, má kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Límíìtì x^x ń sọ ibi tí fọ́ńkṣọ̀n kan ṣoṣo ń lọ. Fọ́ńkṣọ̀n mìíràn wà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ jọ ń lọ sí òdo bákan náà, tí ìdáhùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Wo x^(−1/ln x). Ní x = 0.01, agbára náà jẹ́ 0.2171. Ní x = 0.000001, ó ti di 0.0724. Ó ń lọ sí òdo lóòótọ́. Àmọ́ fi lọ́gárídímù wò ó: (−1/ln x) ṣe ìlọ́po ln x jẹ́ −1 níbi gbogbo, torí náà fọ́ńkṣọ̀n náà jẹ́ e^(−1), ìyẹn 0.3679, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òdo. Kò tilẹ̀ mira.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ìṣírò. Ní 1821, Cauchy ka 0^0 mọ́ àwọn ìrísí tí ìdáhùn wọn ò dájú. Ní 1834, Möbius gbìyànjú láti fi hàn pé 1 ni ìdáhùn máa ń jẹ́. Ẹnì kan tó fi lẹ́tà S nìkan bọwọ́ wá fi (e^(−1/x))^x dá a lóhùn. Fi u sí ipò e^(−1/x), wàá rí i pé fọ́ńkṣọ̀n tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò yìí gan-an ni.

1 tí Python fún ẹ, àdéhùn ni wọ́n ṣe, torí ó rọrùn fún pólínómíà àti fún kíka iye ọ̀nà. Ohun tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe látinú límíìtì ló ti wá.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi jẹ́ apá ọ̀tún nìkan? Ṣé a ò lè gba apá òsì wọlé ni?

Ìdáhùn: Gbìyànjú rẹ̀. Ní x = −1/100, rúùtù ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà òdì lo ń wá, kò sì sí i láàárín àwọn nọ́ńbà tí à ń lò yìí. Ní x = −1/101, ó wà, torí 101 ò ṣeé pín sí méjì dọ́gba: nǹkan bíi −1.047 ni. Ní x = −2/101, ó tún wà, àmọ́ ìlọ́po méjì tó wà lókè sọ ọ́ di nọ́ńbà tó ju òdo lọ: nǹkan bíi 1.081. Nítorí náà, bí o ṣe ń bọ̀ láti apá òsì, àwọn kan ń lọ sí −1, àwọn kan ń lọ sí 1, láàárín wọn sì ni ọ̀pọ̀ ibi tí kò sí ohunkóhun wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ àmì + sí orí òdo nínú ìbéèrè rẹ. Tí o bá rí ìbéèrè náà níbi tí wọn ò ti kọ àmì yẹn, kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ pé x ju òdo lọ, kí o tó mú lọ́gárídímù rẹ̀, torí ln x kò sí fún x tó bá kéré sí òdo.