Agolo Tòmátò, Fóònù àti Àgbàdo Mi

Lọ́dún tó kọjá, kóńgò irúgbìn àgbàdo mẹ́jọ ni mo fi ṣòfò nítorí àwòrán ìkùukùu kan lójú fóònù. Oko mi wà lójú ọ̀nà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ajáàwà, éékà kan àbọ̀ ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní yanrìn púpọ̀, omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Nínú oṣù kẹta, àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ṣí áàpù ojú ọjọ́ tó bá fóònù mi wá láti ọjà. Ìkùukùu àti ẹ̀kán omi ni mo rí fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, wọ́n sì kọ 70% sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ni mo tún ń dúró dè? Mo pe alágbàṣe méjì, nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti gbìn ín tán.

Ọjọ́ kejìlá ni òjò tó tún rọ̀. Èyí tó ti hù, ewé rẹ̀ ti ká bíi sìgá. Èyí tí kò tíì hù, àparò ti hú u jẹ. Bàbá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá kí mi kú ewu, ó wo oko, ó wò mí.

"Ọmọ mi, àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò ọ̀gbìn. Ṣé o walẹ̀ wò kí o tó gbìn ín?"

"Rárá o, bàbá. Fóònù ló sọ fún mi."

Bàbá ò bú mi. Ẹ̀rín ni wọ́n rín, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Mo ti ya fọ́tò ojú fóònù náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́jọ́ tí mò ń yọ̀, nítorí náà mo padà lọ wò ó dáadáa. Nǹkan méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́, Ìbàdàn ni wọ́n kọ sókè pátápátá. Mo ti pa ibi tí fóònù ti máa ń mọ ibùdó ẹni, áàpù náà sì dúró sí ìlú tí mo wá kẹ́yìn. Ìkejì ló burú jù: àwọn nọ́ńbà tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà lábẹ́ ìkùukùu wọ̀nyẹn tí mi ò kà rárá. 0.4, 0.8, 0.3, 1.1, 0.5. Mìlímítà òjò ni. Àròpọ̀ ọjọ́ márààrún kò ju 3.1 lọ.

Mìlímítà kan ni lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Lítà mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ oòrùn oṣù kẹta níhìn-ín lè fa tó lítà márùn-ún lórí ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Áàpù yẹn ò parọ́ fún mi. Àwòrán kan náà ló ń yà fún òjò tó kàn ta sí ewé àti fún èyí tó ń kún gọ́tà. 70% náà kò sọ pé òjò máa pọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, òjò á kán nínú méje, ìbáà ṣe kíún.

Lọ́dún yìí, agolo ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Agolo tòmátò ńlá, èyí tí ìdí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Bí ẹnu bá fẹ̀ ju ìdí lọ, omi inú rẹ̀ á ga ju òjò tó rọ̀ lọ, irọ́ ni onítọ̀hún á máa kà. Mo kàn án mọ́ òpó kan láàárín oko, jìnnà sí igi ìdí ọ̀nà, mo sì kán òróró ẹ̀pà díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó lè léfòó sórí omi, kí oòrùn má baà fà á gbẹ kí n tó dé. Láràárọ̀ tí mo bá débẹ̀, mo ki rúlà ọmọ iléèwé sínú rẹ̀ títí kan ìdí, mo ka ibi tí omi dé, mo dà á nù, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gba áàpù Windy sórí fóònù. Kì í ṣe nítorí pé ó mọ òjò ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo fẹ́ lára rẹ̀ ni pé ó ń fi ìṣirò oríṣiríṣi hàn lójú kan náà, ó sì ń kọ mìlímítà gedegbe. Mo tẹ 8.03, 4.19 síbi tí wọ́n ti ń wá ìlú, ìyẹn nọ́ńbà ibùdó oko mi tí fóònù fún mi nígbà tí mo dúró sórí aporo tèmi gan-an. Nísàlẹ̀ ni ìlà òjò wà, ó pín ọjọ́ sí wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì ní láti ro wọ́n pọ̀ kí n tó mọ ti odidi ọjọ́. Mo ka ti ECMWF, ìyẹn iléeṣẹ́ ìṣirò ojú ọjọ́ àwọn ará Yúróòpù, mo tún tẹ GFS, ti àwọn ará Amẹ́ríkà, mo kọ méjèèjì. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí lóko, nítorí náà ilé ni mo ti ń ṣe é lálẹ́.

Kí ló dé tí méjèèjì fi máa ń yàtọ̀ síra? Ìṣirò yìí pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Lórí Windy, ti ECMWF fẹ̀ tó kìlómítà 9, ti GFS fẹ̀ tó 22. Òjò tiwa níbí, pàápàá ti oṣù kẹta sí ìkẹfà, ìkùukùu kan ṣoṣo lè gbé e wá, kí ó rọ̀ sóko bàbá kí ó fo tèmi. Ìkùukùu yẹn kéré ju igun náà lọ, kò hàn sí i. Ohun tí igun náà mọ̀ ni bóyá afẹ́fẹ́ agbègbè yẹn lè bí òjò lọ́jọ́ náà.

Mo fi ọjọ́ 24 kọ agolo àti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n tó fọwọ́ kan irúgbìn. Ọjọ́ 14 ni ìṣirò méjèèjì sọ pé òjò ò ní rọ̀, agolo sì gbẹ ní 13 nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni méjèèjì sọ pé ó máa ju mìlímítà 10 lọ. Ó rọ̀ ní mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ kò bá tiwọn mu. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ọ̀kan ń sọ pé á rọ̀, èkejì ń sọ pé kò ní rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi wọ agolo. Mo ti wá mọ ohun tí mo lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: bó bá ní kò sí òjò, mo gbà á, bí méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan pé ó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo múra, bí wọ́n bá ń jiyàn, mo ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ gbígbẹ. Ohun tí wọ́n bá kọ fún ọjọ́ kẹjọ tàbí ìkẹwàá, mi ò fi mú ọjọ́ rárá. Àpapọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré.

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, agolo ka 14. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ka 11. 25 láàárín ọjọ́ méjì nìyẹn. Mo mú àdá, mo walẹ̀ níbi mẹ́ta. Ilẹ̀ tutù títí dé ibi tí ọwọ́ mi wọlé dé ọrùn ọwọ́, kó tó kan gbígbẹ. Bàbá ń wò mí láti oko wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ECMWF ní mìlímítà 38 ń bọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, GFS ní 61. Wọn ò fẹnu kò lórí iye, ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, àlàfo láàárín òjò kan sí èkejì kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Àlàfo yẹn gan-an ni mò ń wá, torí àlàfo ọjọ́ méjìlá ló pa tèsí.

Mo gbin éékà kan lọ́jọ́ kẹwàá, mo fi àbọ̀ sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tí òjò ti já kulẹ̀ rí ò ní da gbogbo irúgbìn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kejìlá, méjèèjì ní òjò tó 18 máa rọ̀. Ó rọ̀ nílùú, a fi abọ́ gbe é lójúde, agolo mi lóko gbẹ táútáú. Àyà mi já. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá tí agolo ka 22, tí mo tó sùn dáadáa. Àgbàdo hù pé.

Ti ìkórè ò gba ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. Mo ta ti éékà kan ní tútù níparí oṣù kẹfà. Àbọ̀ éékà tó kù ni mo fi sílẹ̀ kó di yangan, kó lè bọ́ sí ọ̀dá oṣù kẹjọ. Sísá ni wàhálà rẹ̀. Nígbà tí mò ń sá ẹ̀gẹ́ lórí tàpólì nínú oṣù karùn-ún, mo ti kọ́ ọgbọ́n kan: ìjì àsìkò yẹn máa ń ti ìlà-oòrùn wá, Ọ̀fà sì wà ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí wa lápá ibẹ̀. Bí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Windy bá ti fi ìkùukùu funfun ńlá hàn lápá ibẹ̀, mo máa ń pe àǹtí mi l'Ọ́fà.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé òjò ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ti ń ká páànù wa lọ! Ẹ tètè kó nǹkan yín o."

Láàárín wákàtí kan, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi gba ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀ báyìí.

Mo wá ro pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti oṣù kẹjọ máa rí. Yangan wà lórí tàpólì, sánmà ṣú wẹ́rẹ́, mo pe àǹtí, wọ́n ní oòrùn ń ràn. Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ sọ́jà. Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi láìsí ààrá, láìsí ìjì. Òjò oṣù keje sí ìkẹjọ kì í sáábà bá ọ̀nà Ọ̀fà wá. Afẹ́fẹ́ tútù láti apá òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé e, á kàn bo gbogbo sánmà, á máa ṣẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mo kọjú sí kọ́ ló gbà wá.

A kó yangan wọ pálọ̀, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹlẹbẹ, a ń yí i láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, mo mì ín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. A tún sá a nígbà tí oòrùn yọ, ó tún lo ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo tún mì ín, iyọ̀ jábọ́ sísàlẹ̀, ara ìgò mọ́ kedere. Mo rọ ọ́ sínú àpò, mo di í lẹ́nu.