Àṣìṣe Tí Súpáfáísọ̀ Tuntun Máa Ń Ṣe Nílé Epo

Ọjọ́ tí mánéjà fi mí ṣe súpáfáísọ̀ nílé epo tí mo ti ń ta epo láti ọdún mẹ́rin, mo rò pé ìgbéraga nìkan ló lè bà mí jẹ́ lójú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ojú àánú ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú.

Má ṣe bo ṣọ́ọ́tì ọ̀rẹ́ rẹ, ìyẹn owó tó bá dín lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mítà pọ́ọ̀ǹpù ọ̀rẹ́ mi wà ní 48,210 láàárọ̀, ó sì wà ní 48,902 nígbà tó fẹ́ lọ sílé. Lítà 692 ló tà. ₦900 la ń ta lítà kan nígbà náà, torí náà ₦622,800 ló yẹ kó kó sílẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ti píóẹ́sì kò ju ₦614,300 lọ. ₦8,500 ló kù. Ó ní, "Ṣebí èmi àti ìwọ ni." Mo yọ owó lápò ara mi, mo fi dí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ₦8,500 wọlé sí àkáǹtì ilé epo. Oníbàárà kan ló fi ránṣẹ́ látorí fóònù, àlẹ́ẹ̀tì ló pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ gbèsè kankan rárá, àmọ́ gbogbo ilé epo ti gbọ́ pé ó jí owó, pé èmi ni mo bo àṣírí rẹ̀. Nígbà tí mo wá kọ ṣọ́ọ́tì ₦3,000 ẹlòmíràn sínú ìwé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni náà wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín.

Kí o tó pe ohunkóhun ní ṣọ́ọ́tì, ìwọ àti ẹni tó ta epo náà ni kí ẹ jọ tún mítà kà. Ẹ bi ara yín bóyá wọ́n yẹ pọ́ọ̀ǹpù wò lọ́jọ́ náà: lítà 20 tí wọ́n fà tí wọ́n sì dà padà sí táńkì, mítà ti kà á, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo bébà píóẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ṣì kù, kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ.

Má sì yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu. Ìyá Ìbejì tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di nọ́súlù mú wà lára àwọn tí mo ń darí báyìí. Mo ti gbọ́ súpáfáísọ̀ tó ní "ìwọ, kúrò níbẹ̀" fún irú wọn níwájú oníbàárà. Kò sẹ́ni tó bá a jà o. Kìkì pé bí táńkà bá dé lóru, kò sẹ́ni tó ń jí sí i mọ́. Mo ṣì ń kí Ìyá Ìbejì lórí ìkúnlẹ̀ láàárọ̀. Tí mítà wọn kò bá bá owó mu, màá pè wọ́n, "Ìyá Ìbejì, ẹ wá, ẹ jẹ́ ká tún un kà," wọ́n á sì wá.