Àdìrẹ la ní kó yà, àǹkárá ló gbé jáde

Oníṣòwò àdìrẹ kan ní Òṣogbo fẹ́ àwòrán ìpolówó, a sì ní kí ChatGPT fi DALL-E 3, ètò tó ń yàwòrán, yà á: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí «Ẹ káàbọ̀» wà lókè rẹ̀. Aṣọ aláràbarà bí àǹkárá ló jáde, lẹ́tà rẹ̀ sì rí wúruwùru. Bá a ṣe ní kó tún lẹ́tà nìkan ṣe, aṣọ náà tún yí padà.

Kì í ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀ ló ń yàwòrán nígbà tó ń lo DALL-E 3. Ṣe ló máa ń tún ọ̀rọ̀ rẹ kọ, á fi ránṣẹ́ sí ayàwòrán náà. Ohun tó bá kọ yẹn nìkan ni ayàwòrán rí. Kò rí àwòrán àtẹ̀yìnwá, ìdí nìyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi kóòdù pè é nígbà náà máa ń rí àtúnkọ náà nínú `revised_prompt`. Bó o bá bá «aṣọ Áfíríkà aláràbarà» níbẹ̀, àdìrẹ ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà nìyẹn.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé a ṣàpèjúwe ohun tójú ń rí: aṣọ òwú aláwọ̀ aró, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ mìíràn. A yọ lẹ́tà kúrò pátápátá, a wá fi fóònù kọ ọ́ sórí àwòrán, àmì ohùn sì pé pérépéré.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, GPT-4o fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán nínú ChatGPT. Ìyẹn ń rí àwòrán tó ṣáájú, ó sì mọ lẹ́tà kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ àti ọ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.