Bí kóòtù ṣe ń gba owó lọ́wọ́ onígbèsè tí kò fẹ́ san

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìgbóǹnà, l'Ọ̀ṣogbo, ṣe àpẹẹrẹ. Agbaṣẹ́ṣe kan kó sìmẹ́ǹtì rẹ̀ láwìn, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ sì ní kí ó san ₦2,400,000 pẹ̀lú ₦100,000 owó ẹjọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, ó san ₦300,000, ó wá dákẹ́. ₦2,200,000 ló kù nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò lépa owó náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jàre ló gbọ́dọ̀ padà wá bẹ kóòtù pé kó mú ìdájọ́ ṣẹ. Ẹ má sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá: òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán.

Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Owó tí agbaṣẹ́ṣe yìí fi pamọ́ síbẹ̀ jẹ́ gbèsè tí báńkì jẹ ẹ́, kóòtù sì lè ní kí báńkì yí gbèsè náà sọ́dọ̀ ìyá. Ohun tí à ń pè ní gánìṣíì nìyẹn. Báwo ni ìyá ṣe máa mọ báńkì tó ń lò? Kó wo rìsíìtì owó tí agbaṣẹ́ṣe fi ránṣẹ́ sí i nígbà tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn tajà. Orúkọ báńkì sábà máa ń wà níbẹ̀. Kó ṣọ́ra wo orúkọ tó ni àkáǹtì o. Tó bá jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe náà fúnra rẹ̀ ni kóòtù dá lẹ́bi, àkáǹtì ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ìyá gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, yóò sì fi ìwé ìbúra tì í, níbi tó ti máa sọ pé ìdájọ́ wà, pé ₦2,200,000 ṣì wà nílẹ̀, àti pé báńkì tó wà ní ìpínlẹ̀ náà jẹ onígbèsè lówó. Kí wọ́n má kọ ₦2,500,000 síbẹ̀. Ìwé ìbúra ni. Bí onígbèsè bá mú ẹ̀rí ₦300,000 tó ti san jáde, ẹnu ìyá á wọhò.

Ẹ̀yìn onígbèsè ni adájọ́ ti ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí, nítorí tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, àkáǹtì á gbẹ. Tí adájọ́ bá gbà, á pàṣẹ àkọ́kọ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní náísáì: kí báńkì wá sọ ìdí tí kò fi ní san. Ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé báńkì ni owó tó wà níbẹ̀ ti dè, báńkì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onígbèsè fọwọ́ kàn án mọ́. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà tó mọ iṣẹ́ fi ń jẹ́ kí ìwé dé báńkì kó tó dé ọ̀dọ̀ onígbèsè. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ rí ìwé gbà, ó kéré tán, ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́.

Báńkì yóò wá búra sọ iye tó wà nínú àkáǹtì. Ká ní báńkì méjì ni ìwé náà dé, tí ọ̀kan rí ₦1,250,000, tí ìkejì ní onígbèsè gan-an ló jẹ òun lówó. Adájọ́ á tú ìkejì sílẹ̀, á sì pàṣẹ ìkẹyìn, tó ń jẹ́ ábísólúùtù, fún ti àkọ́kọ́ pé kó san owó náà fún ìyá. Báńkì tó gbọ́ tí kò yọjú lè bá ara rẹ̀ nínú sísan owó náà. Tí onígbèsè bá sì ń pariwo pé òun ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìyẹn nìkan kò dá nǹkan dúró. Àfi tí kóòtù bá pàṣẹ ìdádúró.

₦950,000 ṣì kù. Ìgbà yìí ni kí ìyá gba wáráǹtì ìgbẹ́sẹ̀lé lórí ẹrù, tí béélífù kóòtù yóò fi lọ kó ọjà àti ọkọ̀ onígbèsè. Béélífù ló ń kó o, kì í ṣe àwọn ọmọ ìyá. Wọn kì í kó aṣọ tàbí ibùsùn onígbèsè àti ẹbí rẹ̀. Bí ìyàwó onígbèsè bá ní òun ló ni ọkọ̀, tó sì fi ìwé rẹ̀ hàn, kóòtù ni yóò pinnu ẹni tó ni ín. Àyàfi ohun tó máa ń bàjẹ́, béélífù kò gbọ́dọ̀ ta ẹrù kó tó pé ọjọ́ márùn-ún. Ilé àti ilẹ̀ ló kẹ́yìn: àfi tí ẹrù kò bá tó, tí ìyá sì tún padà lọ gba àṣẹ kóòtù lọ́tọ̀.