Sítáà-Dẹ́lítà àbí Sọ́ọ̀fùtù Sítáàtà: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí tí Kò Ní Já Fólítì fún Mọ́tò Pọ́ǹpù Ńlá

Nígbà tí mọ́tò pọ́ǹpù ńlá bá ń gbéra, ó lè fa iná tó ìlọ́po 6 tàbí 7 èyí tó ń fà lẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí fólítì fi ń já wálẹ̀, tí gílóòbù inú ilé ń ṣe bàìbàì, tí kọntákítọ̀ ẹ̀rọ mìíràn sì lè já. Sítáà-dẹ́lítà kọ́kọ́ ń so wáyà inú mọ́tò ní ọ̀nà sítáà tó ń dín iná kù, kí táímà tó yí i sí dẹ́lítà tó fi ń ṣiṣẹ́; sọ́ọ̀fùtù sítáàtà ní tirẹ̀ ń gbé fólítì mọ́tò sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yan sítáàtà gbọ́dọ̀ wo bí fólítì ṣe ń rí títí mọ́tò yóò fi sáré dójú ìwọ̀n, kì í ṣe ìgbà tó kọ́kọ́ gbéra nìkan.

Ẹ jẹ́ ká gbé mọ́tò kílówáàtì 55 yẹ̀ wò, tó ń lo fólítì 400 lórí tiransifọ́mà kílófólítì-áńpíà 100 tí ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú 100. Lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fa nǹkan bí áńpíà 100. Bí a bá tan án ní tààrà, yóò fà tó 650, fólítì yóò sì já ní nǹkan bí ìdá 18 nínú 100, láì tíì ka èyí tí wáyà gígùn yóò fi kún un. Sítáà sọ iná yẹn di ìdá kan nínú mẹ́ta, nǹkan bí 217, fólítì yóò sì já ní ìdá 6. Sọ́ọ̀fùtù sítáàtà tí a dá dúró sí ìlọ́po 3.5 yóò fa 350, fólítì yóò já ní nǹkan bí ìdá 10. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, sítáà ló fúyẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdìkejì ni.

Ìgbà tí sítáà bá ń yí sí dẹ́lítà ni wàhálà ń dé. Agbára tí mọ́tò fi ń yí náà ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrù pọ́ǹpù ń wúwo sí i bó ti ń yára sí i. Bí mọ́tò bá há sí ìdá 70 ìyára rẹ̀ tí táímà sì gbé e sí dẹ́lítà, iná tí yóò fà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti títàn ní tààrà, fólítì yóò sì já lójijì.

Ẹ fi mítà tó ń gbá wáyà mú wọn áńpíà lójú wáyà tó ń wọlé. Bí áńpíà bá wálẹ̀ gan-an kí táímà tó yí i, sítáà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ fa àkókò táímà gùn díẹ̀. Bí kò bá tún wálẹ̀, táímà kọ́ ni ìṣòro, ẹrù pọ́ǹpù ló wúwo jù fún sítáà. Fún pọ́ǹpù abẹ̀bẹ̀ tó ń fi ìyípo ti omi jáde, ẹ ti fáàfù ẹnu ọ̀nà ìjáde omi kí ẹ tó tan án, kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, kí ẹ sì tètè ṣí i lẹ́yìn ìyípadà, torí omi inú rẹ̀ yóò gbóná. Sítáà-dẹ́lítà kò sì ṣeé lò rárá bí mọ́tò kò bá ní orí wáyà 6, tàbí bí a kò bá kọ 400/690 sí ara rẹ̀ fún irú iná yìí.

Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò máa ti fáàfù, sọ́ọ̀fùtù sítáàtà ni mo fara mọ́, nítorí kò ní ìyípadà òjijì, ó sì lè dá pọ́ǹpù dúró díẹ̀díẹ̀ kí omi má baà fọ́ páìpù. Ẹ gbé òpin iná rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí mọ́tò yóò fi dójú ìyára. Bó bá kéré jù, mọ́tò yóò há sójú kan, yóò gbóná, ìdáàbòbò rẹ̀ yóò sì já iná kúrò lára rẹ̀. Bí fólítì bá ṣì já ju bí àwọn ẹ̀rọ yòókù ṣe lè fara dà á lọ ní òpin tó kéré jù tó lè gbé pọ́ǹpù náà, tiransifọ́mà tàbí wáyà ló kéré, kò sì sí sítáàtà kankan nínú méjèèjì tó lè tún un ṣe.